Tí Báńkì Àpapọ̀ Bá Ra Bọ́ǹdì, Àpò Ta Ni Owó Náà Ń Wọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yà kí àǹtí mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Balógun, níbi tí wọ́n ti ń ta léèsì láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ sì kan Báńkì Àpapọ̀ àti bọ́ǹdì ríra, ìyẹn ríra ìwé gbèsè tí ìjọba fi ń yá owó. Àǹtí mi gbé ọ̀pá yáàdì wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o ṣiṣẹ́ báńkì, tí wọ́n bá ra bọ́ǹdì yẹn, ṣé inú ọkọ̀ agbówó tó máa ń sáré kọjá ní Marina ni wọ́n ń kó owó rẹ̀ sí? Nígbà wo ló sì máa dé ọjà níbí?"

Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mí. Èyí àkọ́kọ́ kò gba àsìkò: ọkọ̀ kankan kì í gbéra. Èkejì ni mo jókòó tì, torí pé ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ta bọ́ǹdì náà àti ohun tí báńkì bá ṣe lẹ́yìn náà. Mo ti bá àwọn tó kàwé dáadáa pàdé tí wọ́n ń da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra wọn, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé ẹni tó bá ti ṣe àjọ rí ti mọ ìdajì rẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ àjọ náà ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ rántí ìyá alájọ tó máa ń wá gba owó lọ́wọ́ yín lálaalẹ́?" Wọ́n ní àwọn rántí. Káàdì wà lọ́wọ́ àǹtí mi nígbà náà, iye tí wọ́n ti dá ló wà lára rẹ̀. Gbèsè tí ìyá alájọ jẹ wọ́n ni káàdì yẹn. Ìyá alájọ fúnra rẹ̀ kì í tọ́jú owó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní pásíbùkù ní báńkì kan. Gbèsè tí báńkì jẹ ìyá alájọ ni ti pásíbùkù. Ìpele méjì nìyẹn: káàdì lọ́wọ́ ará ọjà, pásíbùkù lọ́wọ́ ìyá alájọ. Àǹtí mi kò lè fọwọ́ kan pásíbùkù yẹn láé, kì í ṣe tiwọn.

Bí owó orílẹ̀-èdè wa ṣe tò gan-an nìyẹn. Owó tí ẹ rí nínú àkáǹtì yín lórí fóònù ni káàdì: báńkì yín ló jẹ yín. Báńkì yín náà sì ní àkáǹtì tirẹ̀ lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀, òun ni pásíbùkù. Owó inú pásíbùkù yìí ni mo máa pè ní owó ìpamọ́ báńkì. Inú rẹ̀ ni báńkì ti ń san owó fún báńkì mìíràn, ibẹ̀ náà ló sì ti ń gba bébà náírà nígbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́. Tí ẹ bá wá ń gbọ́ pé owó tó wà lọ́wọ́ ará ìlú ti pọ̀ sí i, iye tó wà lórí gbogbo káàdì ni wọ́n ń kà, wọ́n á ro bébà náírà tó wà lóde pọ̀ mọ́ ọn. Wọn kì í ka pásíbùkù mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá ra bọ́ǹdì. Ká ní bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 100 náírà ni, báńkì kan ní Marina ló sì ni ín. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Báńkì Àkọ́kọ́ nínú àpẹẹrẹ yìí. Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun fẹ́ rà, àwọn báńkì dá iye tí wọ́n fẹ́ tà á, wọ́n fẹnu kò. Níbi ìṣirò, Báńkì Àpapọ̀ gba bọ́ǹdì, ó sì kọ mílíọ̀nù 100 kún pásíbùkù Báńkì Àkọ́kọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ibí yìí ni àǹtí mi dá mi dúró. "Ibo ni wọ́n ti mú mílíọ̀nù 100 ọ̀hún?" Kò sí ibi tí wọ́n ti mú un. Ibi tí ọ̀rọ̀ àjọ kò ti bá a mu mọ́ nìyí, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ kedere. Tí báńkì lásán bá fẹ́ ra ẹ̀gbà wúrà ìyá alájọ, tó sì kọ owó rẹ̀ sínú pásíbùkù, ó gbọ́dọ̀ ṣe tán láti fi owó ẹlòmíràn san án lọ́jọ́ tí ìyá alájọ bá wá gbà á. Báńkì Àpapọ̀ kò ní ẹlòmíràn tó máa lọ bá. Gbèsè tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni owó. Bébà náírà tó wà nínú ápò yín, gbèsè rẹ̀ ni. Owó inú pásíbùkù àwọn báńkì, gbèsè rẹ̀ ni. Nígbà tó bá ra nǹkan, ṣe ló ń dá gbèsè tuntun, gbèsè náà sì di owó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ o, bọ́ǹdì tó gbà wà lápá kejì ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yá owó náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì mú un kúrò nínú àpótí kankan.

Ẹ wo ìwé Báńkì Àkọ́kọ́ báyìí. Lánàá, ó ní bọ́ǹdì mílíọ̀nù 100. Lónìí, bọ́ǹdì ti lọ, owó ìpamọ́ mílíọ̀nù 100 ló rọ́pò rẹ̀. Báńkì náà kò lówó ju ti àná lọ, ìrísí ohun tó ní ló yí padà: ó fi ohun tí ń mú èlé wá pààrọ̀ ohun tó lè ná lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá wo àkáǹtì àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tí kọ́bọ̀ kan wọlé fún. Owó ìpamọ́ báńkì ti fi mílíọ̀nù 100 pọ̀ sí i, owó ọwọ́ ará ìlú sì wà bó ṣe wà. Ìyá alájọ ta ẹ̀gbà wúrà tirẹ̀, pásíbùkù rẹ̀ wú, káàdì àǹtí mi kò mira.

Ẹ jẹ́ ká yí ẹni tó ń tà padà. Ká ní iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Broad Street ló ni bọ́ǹdì náà, Báńkì Àkọ́kọ́ ni àkáǹtì rẹ̀ sì wà. Iléeṣẹ́ yìí kò ní pásíbùkù lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀, nítorí náà kò sí bí Báńkì Àpapọ̀ ṣe lè sanwó fún un tààrà. Ipasẹ̀ báńkì rẹ̀ ni owó gbọ́dọ̀ gbà. Báńkì Àpapọ̀ á kọ mílíọ̀nù 100 sínú pásíbùkù Báńkì Àkọ́kọ́, Báńkì Àkọ́kọ́ á sì kọ mílíọ̀nù 100 sínú àkáǹtì iléeṣẹ́ adójútòfò. Ohun méjì ló pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà: pásíbùkù àti káàdì. Owó ọwọ́ ará ìlú ti fi mílíọ̀nù 100 gbéra kí ẹnikẹ́ni tó yá ẹnikẹ́ni lówó.

Bọ́ǹdì kan náà ni, iye kan náà ni, Báńkì Àpapọ̀ kan náà ló rà á. Ẹni tó jókòó sí ìdí títà nìkan ló yàtọ̀. Tí ẹ bá di èyí mú, ẹ ti kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù.

Ó wá ku ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn títà, tí wọ́n sábà máa ń sọ bíi pé owó ń bí owó fúnra rẹ̀. Báńkì kò lómìnira lórí gbogbo owó ìpamọ́ rẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ ń ti ìdá kan mọ́lẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú iye tí àwọn oníbàárà ní nínú àkáǹtì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ owó ní Báńkì Àpapọ̀ sọ ìdá yìí kalẹ̀ fún àwọn báńkì ìṣòwò, láti 50 nínú 100 sí 45 nínú 100. Ó pọ̀ púpọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, kì í ṣe pé báńkì kàn ń fi ìdá náà sí ìkáwọ́ ara rẹ̀. Ṣe ni Báńkì Àpapọ̀ ń yọ ọ́ kúrò nínú pásíbùkù, tó ń gbé e sí ọ̀tọ̀. Báńkì kò lè fi san nǹkan kan, kò sì ń gba èlé lórí rẹ̀.

Nítorí náà, nínú mílíọ̀nù 100 tó wọ àkáǹtì iléeṣẹ́ adójútòfò, mílíọ̀nù 45 di títì mọ́lẹ̀, mílíọ̀nù 55 sì ṣẹ́kù tí Báńkì Àkọ́kọ́ lè lò. Ká ní ọkùnrin kan tó ń ta ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ní Ládípọ̀, ní Mushin, wá yá mílíọ̀nù 55. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé báńkì á bu mílíọ̀nù 55 nínú owó iléeṣẹ́ adójútòfò, á gbé e fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó iléeṣẹ́ yẹn wà níbi tó wà, kò dín. Ohun tí báńkì ṣe ni pé ó kọ mílíọ̀nù 55 sínú àkáǹtì oníẹ́ńjìnì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ pé oníẹ́ńjìnì jẹ òun ní mílíọ̀nù 55. Káàdì tuntun ló kọ. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, owó ọwọ́ ará ìlú ti kúrò ní mílíọ̀nù 100, ó ti di mílíọ̀nù 155, Báńkì Àpapọ̀ kò sì tíì ṣe ohun kan kún èyí tó ti ṣe.

Kí ló dé tí báńkì fi nílò owó ìpamọ́ nígbà náà, tó bá jẹ́ pé kíkọ ló ń kọ owó sínú àkáǹtì? Nítorí pé oníẹ́ńjìnì kò yá owó láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó san mílíọ̀nù 55 fún ẹni tó kó ẹ́ńjìnì wọlé fún un láti Àpápá, àkáǹtì onítọ̀hún sì wà ní Báńkì Kejì. Báńkì Kejì kò ní gba káàdì Báńkì Àkọ́kọ́, owó pásíbùkù ló máa béèrè. Mílíọ̀nù 55 kúrò nínú pásíbùkù Báńkì Àkọ́kọ́, ó bọ́ sínú ti Báńkì Kejì. Ẹ kíyè sí i pé owó ìpamọ́ náà kò jáde kúrò láàárín àwọn báńkì. Ọwọ́ kan ló gbà bọ́ sí òmíràn. Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ní báńkì "ń yá owó ìpamọ́ rẹ̀ fún ará ìlú", ẹ mọ̀ pé kò yé onítọ̀hún. Ará ìlú kò ní pásíbùkù tí wọ́n lè kọ ọ́ sí.

Báńkì Kejì wá ní mílíọ̀nù 55 tuntun, wọ́n ti mílíọ̀nù 24.75 mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ṣẹ́ ku mílíọ̀nù 30.25 tí òun náà lè fi gbójú lé owó yíyá. Ìyípo tó tẹ̀ lé e á jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 16.6, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn á jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.2. Ó ń kéré sí i títí á fi tán. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 222, ìyẹn 100 tí a fi 0.45 pín. Ibẹ̀ ni gbogbo mílíọ̀nù 100 owó ìpamọ́ náà á ti di títì mọ́lẹ̀ tán.

Níbi tí báńkì fúnra rẹ̀ ti ta bọ́ǹdì ńkọ́? Káàdì kankan kò kọ́kọ́ pọ̀ sí i níbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí Báńkì Àpapọ̀ máa yọ tì mọ́lẹ̀. Gbogbo mílíọ̀nù 100 ló wà lómìnira. Tí báńkì bá gbára lé e láti yá ẹnì kan ní mílíọ̀nù 100, ìyípo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, mílíọ̀nù 222 kan náà ló sì máa dé nígbẹ̀yìn. Òkè àjà wọn dọ́gba. Ìyàtọ̀ ni pé ọ̀kan ti gun àtẹ̀gùn kan kó tó bẹ̀rẹ̀, èkejì ṣì wà nílẹ̀, àfi tí báńkì bá yá ẹnì kan lówó ni yóò fi gbẹ́sẹ̀.

Àǹtí mi kọ 222 sẹ́yìn ìwé rìsíìtì kan, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n báńkì kì í yá wa lówó." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òkè àjà ni 222 jẹ́, kì í ṣe ibi tí owó ń dúró sí. Ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, àràárọ̀ la máa ń wo iye tó wà nínú pásíbùkù wa, àmọ́ mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹnì kan sọ pé, "Owó pọ̀ nínú rẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ ká lọ wá ẹni tá a máa yá." Ẹni tó fẹ́ yá owó ló ń kọ́kọ́ wá, wọ́n á wò ó bóyá ó lè san án padà, wọ́n á wò ó bóyá owó tí àwọn onípìn-ín fi dá báńkì sílẹ̀ lè gbé àdánù tó bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò wá owó ìpamọ́ tí a máa lò. Tí tiwa kò bá tó, a máa ń yá a lọ́wọ́ báńkì mìíràn fún òru ọjọ́ kan.

Báńkì tí kò bá rí ẹni tó tẹ́ ẹ lọ́rùn lè fi owó tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ ní òru, kó gba èlé lórí rẹ̀, tàbí kó fi ra ìwé gbèsè ìjọba. Nígbà tí èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń darí ọjà bá wà ní ìdá 27 nínú 100, bó ṣe wà lẹ́yìn ìpàdé oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 yẹn, kò yani lẹ́nu pé báńkì á ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé owó lé oníṣòwò lọ́wọ́. Oníṣòwò náà á sì ronú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà á.

Bébà náírà náà ń fa owó ìpamọ́ kúrò nínú ìyípo yìí. Tí ẹni tó wà ní Àpápá bá lọ gba mílíọ̀nù 10 lówó bébà láti fi san àwọn alágbàrù àti onílọ́rì, káàdì rẹ̀ dín, bébà ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, àpapọ̀ owó ọwọ́ ará ìlú kò yí padà. Ṣùgbọ́n báńkì rẹ̀ ti fi mílíọ̀nù 10 pásíbùkù gba bébà náà, owó ìpamọ́ sì ti dín ní mílíọ̀nù 10. Àwọn ìyípo tó kù á kéré ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lọ. Owó orí náà ń fà á kúrò lọ́nà tirẹ̀. Láti ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń kó owó tó ń wọlé fún un sínú àkáǹtì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀. Ọjọ́ tí àwọn iléeṣẹ́ bá san owó orí ńlá, káàdì àti pásíbùkù á jọ dín kù ni, títí ìjọba á fi ná an padà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù pé owó ìpamọ́ lè pọ̀ láìjẹ́ pé owó ọwọ́ ará ìlú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Láti ìparí ọdún 2008 dé ọdún 2014, báńkì àpapọ̀ wọn ra bọ́ǹdì bíi pé kò ní tán. Owó ìpamọ́ àwọn báńkì wọn, tí kò tó bílíọ̀nù 50 dọ́là kí wàhálà ọdún 2008 tó bẹ́, di ohun tó lé ní tírílíọ̀nù 2.5. Ìlọ́po ọ̀nà àádọ́ta ó lé nìyẹn. Láàárín àkókò kan náà, owó tó wà lọ́wọ́ ará ìlú wọn kò tó ìlọ́po méjì. Pásíbùkù wú, ó wú, káàdì ń rọra bọ̀ lẹ́yìn.

Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ ibi tí owó wà? Ohun méjì ni mo máa ń wò. Èyí tó yá ni èlé tí àwọn báńkì fi ń yá ara wọn lówó fún òru ọjọ́ kan. Tí owó ìpamọ́ bá pọ̀ lójijì, èlé yìí máa ń já wálẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kò sí ẹni tó ń wá ohun tó pọ̀ nílẹ̀. Èyí tó pẹ́ ni ìwé ìṣirò tí Báńkì Àpapọ̀ ń gbé jáde lóṣooṣù. Owó ìpamọ́ àwọn báńkì pẹ̀lú bébà náírà wà ní ìlà kan níbẹ̀, owó ọwọ́ ará ìlú sì wà ní ìlà tí wọ́n kọ M2 sí. Tí ìlà àkọ́kọ́ bá fò sókè, tí M2 sì dúró lójú kan fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀dọ̀ àwọn báńkì ni owó náà há sí.

Àǹtí mi ti gbé ọ̀pá yáàdì wọn padà. Wọ́n béèrè ohun kan sí i: "Tó bá jẹ́ pé títà ni wọ́n ń tà ńkọ́?" Ìbéèrè tó bá ìlú wa mu jù nìyẹn, torí pé láti ọdún 1993 tí Báńkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ irú òwò yìí, títà ló ń ṣe jù. Ìwé gbèsè tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sábà ń tà, láti fa owó kúrò nílẹ̀. Ẹ kàn yí gbogbo ohun tí mo sọ padà sẹ́yìn. Tí báńkì bá rà á, pásíbùkù á dín, káàdì á wà bó ṣe wà. Tí oníbàárà báńkì bá rà á, méjèèjì á dín. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Báńkì Àpapọ̀ sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan àti àwọn iléeṣẹ́ abẹ́lé tí kì í ṣe báńkì kò gbọ́dọ̀ ra irú ìwé gbèsè yìí mọ́. Nígbàkigbà tí báńkì bá sì ra ọ̀kan, káàdì ẹnikẹ́ni ní Balógun kò dín lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó máa mọ̀ ọ́n lára ni oníẹ́ńjìnì Ládípọ̀, lọ́jọ́ tó bá padà dé báńkì láti yá mílíọ̀nù 55 mìíràn, tí wọ́n sì sọ iye èlé tuntun fún un.